Ọṣẹ bàà, ọṣẹ ẹlẹ́bú, ọṣẹ olómi: èwo ni ti ọwọ́, èwo ni ti ẹ̀rọ?

*Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni mo ń gbé, omi kànga la sì ń lò. Ọṣẹ bàà ni mo fi ń fọ aṣọ ilé ìwé àwọn ìbejì mi. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun wọn ti di aláwọ̀ eérú, ó sì le gbagidi bí ẹni pé mo fi sitáàṣì sí i. Ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ẹ̀rọ ìfọṣọ, èyí tó ń ṣílẹ̀kùn níwájú. Ṣé kí n máa rẹ́ ọṣẹ bàà sínú rẹ̀ ni, àbí kí n ra ẹlẹ́bú, àbí olómi? — Ìyá Ìbejì*

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ má tíì ra ọṣẹ kankan o. Omi yín ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Nídìí iṣẹ́ alágbàfọ̀ tí mò ń ṣe ní Adó níbí, aṣọ funfun tó ṣú tó sì le báyìí kì í wọ́n lọ́wọ́ wa, bí a bá sì wádìí ẹ̀ dáadáa, ọ̀rọ̀ omi kànga àti ọṣẹ bàà ló sábà máa ń jẹ́. Ọṣẹ bàà ò burú, omi kànga yín náà lè mọ́ gaara kó sì dùn ún mu. Àwọn méjèèjì ni wọn kì í rẹ́.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Omi tó bá gba inú ilẹ̀ àti abẹ́ àpáta kọjá kó tó dé inú kànga máa ń kó kálísíọ̀mù àti mágínísíọ̀mù dání. Ojú ò lè rí wọn. Ọṣẹ bàà ní tiẹ̀, epo tí wọ́n fi sódà sè títí tó fi di ọṣẹ ni. Tí ẹ bá ti tì í bọ inú irú omi yẹn, kálísíọ̀mù á gbá ọṣẹ mú kó tó dé ara ìdọ̀tí, wọ́n á wá di èérí kan tí kò lè yòrò nínú omi mọ́. Èérí yẹn lẹ máa ń rí tó ń yí etí bàsíà ká, tó ń yọ̀ lọ́wọ́, tí ẹ óò ní ọṣẹ ni. Ọṣẹ ni lóòótọ́, àmọ́ ọṣẹ tó ti kú ni. Bí ẹ ṣe ń fún aṣọ, ó ń wọ inú òwú. Lọ́jọ́ kejì ẹ tún fi òmíràn lé e. Lẹ́yìn sáà ilé ìwé kan tàbí méjì, ó ti kó eruku àti òógùn mọ́ra, funfun ti kúrò níbẹ̀. Òun náà ló ń mú aṣọ le, òun ló sì ń fà á tí aṣọ fi máa ń rùn bí epo tó ti pẹ́ nígbà tí áyọ́ọ̀nù gbígbóná bá kàn án.

Kí ẹ tó gbà mí gbọ́, ẹ dán an wò fúnra yín. Ẹ wá ike omi méjì tó mọ́ tó sì hàn kedere, kí wọ́n tóbi bákan náà. Ẹ bu omi òjò tí ẹ gbè dé ìdajì ọ̀kan, kí ẹ bu omi kànga dé ìdajì èkejì. Ẹ fi ọ̀bẹ họ ọṣẹ bàà díẹ̀, kó má ju èékánná lọ, kí ẹ sì sọ ìwọ̀n kan náà sínú méjèèjì. Ẹ dé e, kí ẹ jù wọ́n jìgìjìgì dáadáa, kí ẹ wá gbé wọn kalẹ̀. Nínú omi òjò, ọṣẹ á hó, ìfófó náà á sì dúró lórí. Tí omi kànga yín bá le, ìfófó rẹ̀ á kéré, á sì tètè rọlẹ̀, omi abẹ́ rẹ̀ á funfun bí omi ògì, ẹ óò sì rí nǹkan wẹ́wẹ́ tó ń léfòó. Ẹ máa fi ọṣẹ kún ti kànga díẹ̀díẹ̀ títí tí òun náà á fi hó. Gbogbo ọṣẹ tí ẹ fi kún un kó tó hó yẹn, owó tí ẹ ń dà nù níbi gbogbo ìfọṣọ nìyẹn.

Tí méjèèjì bá hó bákan náà, omi yín ò le, a jẹ́ pé ṣíṣàn ni ẹ kì í ṣan aṣọ tó. Mo ní kí ẹ dán an wò torí pé kànga yàtọ̀ síra. Méjì lè wà nínú àdúgbò kan náà, kí ọ̀kan rọ̀ kí èkejì le. Omi ẹ̀rọ tó ń wá láti ìdídò, bíi ti Urèjé lọ́dọ̀ wa ní Adó, orí ilẹ̀ ló ti ń ṣàn wá, kì í sábà le tó ti abẹ́ àpáta.

Ohun kan ṣì kù nípa omi yìí tí mi ò fẹ́ fò, torí ó ti ba aṣọ funfun jẹ́ ju ọṣẹ lọ. Ẹ bu omi kànga tàbí ti kànga-dẹ̀rọ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì funfun, kí ẹ fi sílẹ̀ láìdé di ọjọ́ kejì. Tí nǹkan pupa rẹ́súrẹ́sú bá sùn sísàlẹ̀ rẹ̀, irin wà nínú omi náà. Ẹ má ṣe da bílíìṣì sínú omi bẹ́ẹ̀ láéláé pẹ̀lú èrò pé aṣọ á funfun. Irin inú omi tuntun ò hàn, àmọ́ bí bílíìṣì bá kàn án, á dógùn-ún lójú ẹsẹ̀, ara aṣọ ló sì máa lẹ̀ mọ́. Àwọn ènìyàn á wá máa sọ pé bílíìṣì ayédèrú ni wọ́n tà fún àwọn, wọ́n á tún da sí i, aṣọ á sì tún máa pọ́n sí i. Ohun tó yẹ ni pé kí ẹ jẹ́ kí omi náà sùn mọ́jú, kí ẹ rọra bu ti òkè lò, kí ẹ da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ nù. Àbàwọ́n irin tó ti wọ aṣọ tẹ́lẹ̀, omi osàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ díẹ̀ ló máa ń yọ ọ́: ẹ fi pa á, ẹ sá a sóòrùn fún wákàtí kan, ẹ ṣàn án dáadáa. Ṣùgbọ́n tí bílíìṣì bá ti kan aṣọ náà, ẹ kọ́kọ́ ṣàn án títí òórùn rẹ̀ á fi tán kí osàn tó kàn án, torí bí bílíìṣì bá pàdé ohun kíkan, afẹ́fẹ́ olóró ló ń tú jáde, ó sì ń pa èémí lára.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí ọṣẹ.

Ọṣẹ ẹlẹ́bú, èyí tí gbogbo ọjà ń pè ní Ómò láìka ẹni tó ṣe é sí, kì í ṣe ọṣẹ epo bíi ti bàà. Èròjà ìfọṣọ inú rẹ̀ kì í bá kálísíọ̀mù di èérí bẹ́ẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, wọ́n máa ń po sódà ìfọṣọ àti àwọn nǹkan mìíràn mọ́ ọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti di kálísíọ̀mù inú omi lọ́wọ́ mú, kí èròjà ìfọṣọ lè ráyè bá ìdọ̀tí jà. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé nínú omi líle, òun ni mo kọ́kọ́ máa ń mú. Òun náà ló mọ ilẹ̀ pupa wa yìí fọ̀ jù, ẹrẹ̀ tí àwọn ọmọ ń gbé bọ̀ láti pápá ìṣeré. Èyí tó bá dára nínú wọn máa ń ní ẹnsáìmù, ohun tó ń gé ẹ̀jẹ̀, òógùn, ẹyin àti epo sí wẹ́wẹ́ kí omi lè gbé e lọ. Ó tún ní ohun tó ń mú funfun tàn lójú oòrùn.

Ibi tí ọṣẹ ẹlẹ́bú kù sí ni omi tútù, kì í tètè yòrò níbẹ̀. Àwọn àmì funfun tó máa ń wà lára aṣọ dúdú lẹ́yìn tó bá gbẹ, ẹlẹ́bú tí kò yòrò ni. Ẹ máa fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ pò ó nínú abọ́ títí tí ẹ ò fi ní gbúròó hóró kankan lábẹ́ ìka, kí ẹ tó dà á sínú omi ìfọṣọ. Mo ní lọ́wọ́ọ́wọ́ o. Omi híhó máa ń pa ẹnsáìmù, ó sì máa ń se ẹ̀jẹ̀ àti ẹyin mọ́ aṣọ. Omi híhó kọ́ọ̀bù kan sí omi tútù kọ́ọ̀bù mẹ́ta ti tó. Ó tún máa ń gba ara lọ́wọ́ nítorí sódà inú rẹ̀, tó fi jẹ́ pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ń sán tàbí tó ń bó, kó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà.

Ọṣẹ bàà ò ṣeé jù sọ́nù. Agbára rẹ̀ wà níbi tó ti ṣeé fi pa ojú kan pàtó lára aṣọ: ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì, abíyá, ẹnu ọwọ́, ìsàlẹ̀ ìbọ̀sẹ̀. Ẹ rin ibẹ̀, ẹ fi ọṣẹ pa á kó nípọn, ẹ fi í sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ wá fi ọwọ́ ra á. Ọṣẹ ẹlẹ́bú tí wọ́n ti tú ká inú omi lítà mẹ́wàá ò lè dúró lójú kan bẹ́ẹ̀. Nígbà òjò, tí ẹ bá ń gbe omi orí páànù, ẹ lè fi bàà fọ gbogbo aṣọ láti òkè délẹ̀ láìsí wàhálà, nítorí omi òjò ò ní kálísíọ̀mù tó lè dí i lọ́wọ́. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí kànga nìkan kù ni kí ẹ fi í mọ sí ọrùn aṣọ. Ẹ má sì rò pé ọṣẹ dúdú á ṣe é yàtọ̀. Eérú èèpo kòkó ni wọ́n fi sè é lóòótọ́, ọṣẹ epo ni òun náà, kálísíọ̀mù á gbá a mú bákan náà.

Ọṣẹ olómi ló ń fa àríyànjiyàn jù, torí pé méjì ni ohun tí a ń pè bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan ni ti ilé iṣẹ́, tí wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé aṣọ ni wọ́n ṣe é fún. Ó ti yòrò tẹ́lẹ̀, omi tútù ò dà á láàmú, ó sì mọ epo yọ gan-an. Epo pupa tó ta sí ara aṣọ nígbà tí wọ́n ń jẹ iyán, ẹ da díẹ̀ lé e lórí ní gbígbẹ, kó wọ inú òwú fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí omi tó kàn án. Nínú omi líle, ó sàn ju bàà lọ. Ṣùgbọ́n kì í sábà ní sódà tó ẹlẹ́bú, kì í sì í sábà ní èròjà tó ń sọ aṣọ di funfun, torí pé irú èròjà yẹn kì í pẹ́ nínú omi kó tó bà jẹ́. Ẹni tó bá ń fi olómi nìkan fọ aṣọ funfun lóṣooṣù á rí i pé funfun náà ń rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Èkejì ni èyí tí àwọn ènìyàn wa ń pò nílé, tí wọ́n ń rọ sínú jálá àti ike tí wọ́n ti lò tẹ́lẹ̀. Mi ò bá ẹni tó ń ṣe é jà, èmi náà máa ń rà á fọ abọ́. Súfọ́níìkì, sódà, tẹkisápọ́ọ̀nù, àwọ̀ àti lọ́fínńdà ló wà níbẹ̀, nítírósọ́ọ̀lù ló sì ń mú un ki. Ẹ má fi kíki rẹ̀ díwọ̀n agbára o. Ẹni tó bá fi nítírósọ́ọ̀lù púpọ̀ sí i lè sọ omi lásán di ohun tó ń fà. Irú ọṣẹ yìí kì í ní ẹnsáìmù, ó sì ń hó gidigidi. Fún fífi ọwọ́ fọ aṣọ aláwọ̀, kò burú. Ẹ má jẹ́ kó dé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ yín tuntun rárá, mo ń bọ̀ wá sọ ìdí rẹ̀.

Ní báyìí, ṣẹ́ẹ̀tì àwọn ìbejì. Ẹ kò gbọdọ̀ kó wọn sínú ẹ̀rọ báyìí kí ẹ máa retí ìyanu. Èérí tó ti wọ inú òwú ni ẹ máa kọ́kọ́ tú jáde, iṣẹ́ ọwọ́ sì ni. Ẹ jẹ́ ká ní ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́rin ni. Ẹ bu omi lọ́wọ́ọ́wọ́ lítà márùn-ún sínú bàsíà oníke, omi òjò tàbí omi tó ti sùn mọ́jú, kí ẹ da fínígà funfun tí wọ́n fi ń se oúnjẹ sí i, kọ́ọ̀bù ìmumi kan. Ẹ rẹ ṣẹ́ẹ̀tì sínú rẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ máa yí wọn padà. Ohun kíkan ló ń já kálísíọ̀mù kúrò lára ọṣẹ tó kú yẹn. Ẹ óò rí i tí omi á ṣú, á sì dà bíi pé ọ̀rá ń léfòó lórí rẹ̀. Tí ẹ bá rí bẹ́ẹ̀, àyẹ̀wò mi tọ̀nà. Tí omi bá mọ́ kedere títí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú fi pé, kì í ṣe èérí ọṣẹ ló ń ṣe aṣọ yín, ẹ lè fò ó lọ síbi tí mo ti sọ̀rọ̀ nípa tẹ́túrọ́ọ̀nù nísàlẹ̀.

Ẹ da omi yẹn nù, ẹ ṣan ṣẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀rá tí fínígà já sílẹ̀ ṣì wà nínú aṣọ, ọṣẹ ẹlẹ́bú ló máa gbé e jáde. Ẹ bu omi lọ́wọ́ọ́wọ́ lítà mẹ́wàá, ẹ po ọṣẹ ẹlẹ́bú ṣíbí ìjẹun ńlá méjì tó kún sí i, kí ẹ tún fi sódà ìfọṣọ ṣíbí kan kún un. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta èròjà ọṣẹ lẹ óò ti rí i, sódà áàṣì ni wọ́n ń pè é. Ẹ fi ojú yín rí i kí wọ́n má ṣe wọn kọ́sítíìkì sódà fún yín, ìyẹn ń jó ara, ó sì lè ba ojú jẹ́ pátápátá. Ẹ rẹ ṣẹ́ẹ̀tì sínú rẹ̀ fún wákàtí kan tàbí méjì. Lẹ́yìn náà ẹ fi bàà díẹ̀ pa ọrùn àti ẹnu ọwọ́, ẹ fọ̀ ọ́ bí ẹ ṣe ń fọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ń kánjú sí ni ṣíṣàn. Ẹ ṣàn án nínú omi mímọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ máa fún un dáadáa láàárín, torí omi ìdọ̀tí tí ẹ kò fún kúrò ni ẹ tún ń gbé wọ inú omi mímọ́. Tí omi òjò yín ò bá pọ̀, ẹ fi ti kànga tó ti sùn mọ́jú ṣan méjì àkọ́kọ́, kí ẹ fi ti òjò ṣan ìkẹyìn. Àmì pé ó ti tó ni pé tí ẹ bá fi igun ṣẹ́ẹ̀tì ra ara wọn nínú abọ́ omi òjò, kì í yọ̀ mọ́, omi náà kì í sì í ṣú. Ẹ sá a sóòrùn. Nígbà tó bá gbẹ, ó yẹ kó rọ̀ lọ́wọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kódà kí funfun rẹ̀ tó padà tán. Ẹ lè tún gbogbo rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i lọ́sẹ̀ kejì.

Ó níbi tí ọ̀nà yìí gùn dé. Ọ̀pọ̀ ṣẹ́ẹ̀tì ilé ìwé kì í ṣe òwú gidi, tẹ́túrọ́ọ̀nù tí wọ́n pò mọ́ òwú ni. Tẹ́túrọ́ọ̀nù fẹ́ràn epo ara, ó máa ń di í mú lọ́rùn àti lábíyá, ọṣẹ olómi tí ẹ dà lé e lórí ní gbígbẹ ló máa ràn yín lọ́wọ́ níbẹ̀. Èyí tí bílíìṣì bá sì ti sọ di aláwọ̀ ìyeyè, kò sí ọṣẹ tó máa dá a padà. Bí ẹ bá ti fọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ aṣọ aláwọ̀ búlúù tàbí ṣòkòtò kàkí, aró tó wọ̀ ọ́ nìyẹn, kì í ṣe èérí, ìyẹn ò sì sí nínú ohun tí fínígà lè yọ.

Ó wá ku ẹ̀rọ. Èyí tó ń ṣí níwájú yàtọ̀ sí èyí tó ń ṣí lórí. Omi tó ń lò kéré, ìsàlẹ̀ lásán lomi náà máa ń wà. Bó ṣe ń fọṣọ ni pé ó ń gbé aṣọ sókè, ó ń jù ú sílẹ̀, lílu tí aṣọ ń lu omi àti ara wọn yẹn ni ìfọ̀ rẹ̀. Tí ìfófó bá kún inú rẹ̀, orí ìfófó ni aṣọ á máa bọ́ sí, kò ní lu nǹkan kan mọ́. Ẹ óò máa wo ìfófó láti ojú gíláàsì, ẹ óò máa rò pé ó ń fọ̀ dáadáa, nígbà tó jẹ́ pé aṣọ kàn ń yí lórí rẹ̀ ni. Páǹpù rẹ̀ náà, omi ni wọ́n ṣe é fún, kì í lè fa ìfófó. Ẹ̀rọ á wá máa ṣàn, á máa ṣàn, àkókò á máa gùn. Àwọn mìíràn máa ń kọ `SUd` sójú. Àwọn tí kì í kọ nǹkan kan á kàn máa gbé aṣọ jáde pẹ̀lú ọṣẹ lára.

Nítorí náà, ọṣẹ bàà ò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀, bí ẹ tilẹ̀ rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́. Omi tútù ò lè yọ́ ọ tán. Nínú omi líle, èérí tó ń yí etí bàsíà yín ká yẹn á máa dì sí ẹ̀yìn ìlù ẹ̀rọ, sínú rọ́bà ẹnu ọ̀nà àti sára irin tó ń gbé omi kaná, níbi tí ọwọ́ yín ò lè dé. Òórùn burúkú tí àwọn ènìyàn ń sọ pé ẹ̀rọ ní, ibẹ̀ ló ti sábà máa ń wá. Èyí tí ẹ fi pa ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì kò ṣe nǹkan, kí ẹ ṣáà fi omi ṣan ibẹ̀ díẹ̀ kí ẹ tó kó o wọlé.

Ọṣẹ ẹlẹ́bú tí wọ́n ń tà nínú ọ̀rá kékeré, ọwọ́ ni wọ́n ṣe é fún. Wọ́n dìídì mú un hó torí pé ẹni tó ń fọwọ́ fọṣọ máa ń fi híhó mọ̀ pé ọṣẹ tó. Èyí tí ẹ ń wá ni èyí tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀ pé ti ẹ̀rọ ni, tí wọ́n sì ya àwòrán ẹ̀rọ onílẹ̀kùn iwájú sí. Ó máa ń wọ́n jù, ẹ óò sì rí i pé kì í hó, ẹ má rò pé ayédèrú ni. Tí ó bá di dandan kí ẹ lo ti ọwọ́ lọ́jọ́ kan, kó má ju ṣíbí ìjẹun kan lọ.

Ti ìwọ̀n, ẹ tẹ̀ lé ohun tó wà lára páálí fún omi líle, bí àyẹ̀wò ike bá fi hàn pé tiyín le. Fún ẹ̀rọ oníkìlò méje tí aṣọ kún inú rẹ̀ dáadáa, ó sábà máa ń wà láàárín gíráàmù 70 sí 100. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lórí òṣùwọ̀n ìdáná, kí ẹ fàmì sára kọ́ọ̀bù kan, kí ẹ máa fi kọ́ọ̀bù yẹn bù ú. Tí aṣọ ò bá ju ìdajì ẹ̀rọ lọ, ẹ dín ọṣẹ kù. Inú àpótí ọṣẹ, ojú ibi tí wọ́n kọ `II` sí ni ẹ máa da ọṣẹ sí. Ojú ibi tó ní àwòrán òdòdó, ti ohun tó ń mú aṣọ rọ̀ ni, ọṣẹ tó bá wọ ibẹ̀, ìgbà ìṣàn ìkẹyìn ló máa tó jáde, aṣọ á wá gbé ọṣẹ wá bá yín níta.

Iná ló máa pinnu bóyá ẹlẹ́bú tàbí olómi lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan. Tí iná ìjọba bá wà, ẹ kó gbogbo aṣọ funfun pọ̀, ẹ tẹ 40 tàbí 60, ẹ lo ẹlẹ́bú. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ á gbé omi kaná, ẹlẹ́bú á yòrò, èròjà ìfunfun rẹ̀ á sì ríṣẹ́ ṣe. Bó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré lẹ fi ń gbé e, kò ní lè gbé irin ìkanmi, èyí tó sábà máa ń gba nǹkan bíi kílówáàtì méjì. Ẹ tẹ omi tútù nígbà náà, ẹ lo olómi ti ilé iṣẹ́ fún aṣọ aláwọ̀, kí ẹ fi aṣọ funfun sílẹ̀ di ìgbà tí iná bá dé. Tí kò bá ṣeé dúró, ẹ fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ po ẹlẹ́bú kí ẹ tó dà á sínú àpótí. Ibi tí omi táǹkì yín ò bá ní agbára tó, ẹlẹ́bú á máa dì sínú àpótí ọṣẹ náà. Ẹ fà á yọ lóṣooṣù, ẹ fọ̀ ọ́.

Ẹ má kó aṣọ òkè sínú gbogbo èyí. Sányán, òwú kòkòrò ni wọ́n fi hun ún, ara ẹ̀dá tí ẹnsáìmù ń gé nínú ẹ̀jẹ̀ àti ẹyin náà ló wà nínú rẹ̀. Ọṣẹ ẹlẹ́bú á máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, sódà náà á sì gba dídán rẹ̀. Ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ sá a sí ibòji. Tó bá di dandan kí omi kàn án, omi òjò tútù àti ọṣẹ olómi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ti sílíìkì àti wúùlù ni, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nínú omi láìra á, kí ẹ má sì fún un lọ́rùn.

Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ gbé ẹ̀rọ láìsí aṣọ nínú rẹ̀ lórí 60 tàbí 90 pẹ̀lú ọṣẹ ẹlẹ́bú ti ẹ̀rọ díẹ̀. Ẹ nu inú rọ́bà ẹnu ọ̀nà gbẹ lẹ́yìn gbogbo ìfọṣọ, kí ẹ fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí díẹ̀, kí ó sì wà níbi tí àwọn ìbejì ò ti ní lè wọ inú rẹ̀ ṣeré.